Ilé Gogoro Tí Ó Fì ní Písà, àti Ohun Tí Ó Dá A Dúró

Ẹni tí ó bá gba Arákálẹ̀ kọjá ní Àkúrẹ́, láti ìhà Ọjà Ọba lọ, yóò rí àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tuntun, yóò sì rí àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Láàárín àwọn ilé alámọ̀ wọ̀nyí, kò ṣòro láti rí ògiri kan tí kò dúró ṣánṣán mọ́, tí ó ti fì sí ìhà gọ́tà, tí onílé sì ti fi igi tì í kí ó má baà wó. Ẹnìkan yóò ní kí a gbẹ́ ìdí ògiri náà kí a lè rọ kọnkéré sí i. Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí bàbá òun ti wà láyé ni ó ti fì. Ta ni ó tọ̀nà nínú wọn?

A ó wá ìdáhùn lọ sí òkèèrè lọ́sẹ̀ yìí, sí ìlú Písà ní orílẹ̀-èdè Ítálì. Ibẹ̀ ni ilé fífì tí gbogbo ayé mọ̀ jùlọ wà, ibẹ̀ náà ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ènìyàn ti ṣe àṣìṣe léraléra kí wọ́n tó rí ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni a ó padà sí Arákálẹ̀.

Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 1173 ni àwọn ará Písà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé agogo kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn ńlá ìlú wọn. Ilé náà rí roboto bí ọ̀pá, ó ṣófo nínú, àtẹ̀gùn sì ń lọ́ yípo láàárín ògiri rẹ̀ títí dé òkè. Òkúta mábù funfun ni wọ́n fi ṣe ojú ògiri níta àti nínú, ṣùgbọ́n àfọ́kù òkúta àti àpòpọ̀ tí ó dà bí sìmẹ́ńtì ayé ìgbà náà ni wọ́n kó sí àárín. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú. Ìpele mẹ́jọ ni ilé náà ní. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 58, èyí tí í ṣe 190 ẹsẹ̀ bàtà, ìwúwo rẹ̀ sì tó nǹkan bí 14,500 tọ́ọ̀nù. Gbogbo ẹrù yìí jókòó lórí ìpìlẹ̀ roboto kan tí ó fẹ̀ ju mítà 19 lọ díẹ̀, tí kò sì jìn ju nǹkan bí mítà 3 lọ nínú ilẹ̀. Bí a bá pín ẹrù náà, ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó ń ru nǹkan bí 50 tọ́ọ̀nù, bí ẹni pé a kó ẹrù ọkọ̀ márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru tọ́ọ̀nù 10, jọ sí orí ẹní kékeré kan.

Irú ilẹ̀ wo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe irú ilẹ̀ pupa líle tí ó wà lórí àpáta ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ilẹ̀ tí odò àti òkun kó wá ni. Mítà 10 àkọ́kọ́ jẹ́ iyanrìn kíkúnná tí ó pò mọ́ ẹrẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni amọ̀ rírọ̀ wà, tí ó kún fún omi, tí ó sì nípọn tó nǹkan bí mítà 30 kí a tó kan iyanrìn líle.

Ẹni tí ó bá ti ṣe gàrí rí ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá rin gbágùúdá tán, a ó dì í sínú àpò, a ó sì gbé òkúta lé e lórí. Omi kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kán, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, bí ó sì ti ń kán ni àpò náà ń rẹlẹ̀, tí ohun inú rẹ̀ ń le sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni amọ̀ abẹ́ Písà rí, àfi pé ihò tí omi lè gbà jáde nínú amọ̀ kéré púpọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí gbágùúdá ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ọgọ́rin tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún ni amọ̀ lè fi ṣe é. Bí a bá sì gbé òkúta tí ó wúwo jù lé àpò gbágùúdá kí omi tó jáde, àpò náà yóò yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò sì tú. Ilẹ̀ amọ̀ tí a di ẹrù lé kíákíá náà lè yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó gba ilé yìí là ní ìbẹ̀rẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1178, nígbà tí wọ́n ti dé ìpele kẹrin, wọ́n pa iṣẹ́ tì, wọn kò sì tún fọwọ́ kàn án títí di ọdún 1272. Wọ́n tún kọ́ ọ fún ọdún díẹ̀, wọ́n dé ìpele keje, ogun sì dé, wọ́n tún fi í sílẹ̀. Ó di nǹkan bí ọdún 1360 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ yàrá agogo tí ó wà lókè pátápátá. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé bí wọ́n bá kọ́ ọ láìdúró ni, ilẹ̀ ìbá yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ilé náà ìbá sì ti wó kí ó tó parí. Ìsinmi gígùn náà ni ó fún amọ̀ láyè láti fún omi ara rẹ̀ jáde, kí ó sì le. Àwọn baba wa tí ń mọ ilé alámọ̀ kò ṣe àjèjì sí irú ọgbọ́n yìí: ìpele kan ni wọn ń mọ, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọn tó mọ òmíràn lé e. Àwọn ará Písà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ogun àti ìdíwọ́ mìíràn ni ó bá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò dọ́gba káàkiri. Ní ìhà gúúsù, ó rọ̀ ju ti ìhà kejì lọ díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé náà kọ́kọ́ fì díẹ̀ sí àríwá. Nígbà tí wọ́n mọ àwọn ìpele òkè lé e, ó yí padà, ó fì sí gúúsù, kò sì yí padà mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn tí ń kọ́ ọ rí i. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbìyànjú láti mú un tọ́, wọ́n ń gé òkúta ìhà kan kí ó ga ju ti ìhà kejì lọ. Ìdí nìyí tí ilé náà kò fi tọ́ lára rẹ̀ pàápàá: ó tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé yàrá agogo, ìyàtọ̀ náà ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti ṣe àtẹ̀gùn ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní ìhà gúúsù, àti mẹ́rin péré ní ìhà àríwá, kí ilẹ̀ yàrá náà lè tẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí pé ohun kan wà tí ó yẹ kí ó yé wa kí a tó máa bá ìtàn lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ilé tí ó fì ń wó nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kò lágbára tó láti rù ú. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti Písà yàtọ̀. Kí òǹkàwé mú páálí ìṣáná púpọ̀, kí ó tò wọ́n lórí ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì fóòmù. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, bí ó ti wù kí ó tì wọ́n díẹ̀ tó, wọn yóò padà dúró. Bí ó bá ń fi kún wọn, yóò dé ibi kan tí ó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ yẹ́ẹ́, wọn yóò fì, wọn kò sì ní padà mọ́. Fóòmù náà kò ya, kò sì já. Rírọ̀ rẹ̀ ni ó fà á, pẹ̀lú gíga ohun tí ó rù. Bí ilé bá ti fì díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ìhà tí ó fì sí, títẹ̀ yìí á mú kí ó tún fì sí i, fífì náà á sì tún mú ìwúwo wá. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ilé Písà. Ó dúró ní etí ibi tí kò sí ìpadàbọ̀, nǹkan kékeré sì tó láti tì í lọ.

Àwọn nǹkan kékeré náà kò sì pẹ́ kí wọ́n tó dé, ọwọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n sì ti wá. Ilé náà ti rì tó nǹkan bí mítà 3, tí ìdí àwọn òpó rẹ̀ fi wọlẹ̀. Ní ọdún 1838, ayàwòrán-ilé kan tí ń jẹ́ Alessandro Gherardesca gbẹ́ kòtò yí i ká kí àwọn ènìyàn lè rí ìdí òpó wọ̀nyí. Ẹwà ni ó ń wá. Ní ìhà gúúsù, kòtò náà kọjá ibi tí omi ilẹ̀ wà, omi sì ya wọlé. Orí ilé náà jó sí gúúsù tó nǹkan bí ìdajì mítà kan. Nígbà tí a bá gbẹ́ ìdí ohun tí ó fì ní ìhà tí ó fì sí, a ti gba ìtìsẹ̀ tí ó kù ún kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1934, ní ayé ìjọba Mussolini, wọ́n tún gbìyànjú. Wọ́n lu ihò 361 sínú ìpìlẹ̀ náà, wọ́n sì fún nǹkan bí 80 tọ́ọ̀nù omi sìmẹ́ńtì sí i, kí omi má baà máa wọ kòtò náà mọ́, kí ìpìlẹ̀ sì le. Lójú ẹni tí kò mọ̀, oògùn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n lílu ihò náà da ilẹ̀ láàmú, ilé náà sì tún jó sí gúúsù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ilé náà rárá. Àwọn kànga jíjìn ni a ń fa omi nínú wọn káàkiri ìlú, omi ilẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Fífì náà yára sí i. Nígbà tí a dín fífa omi náà kù, ó rọlẹ̀. Ní àkókò tí ara rẹ̀ balẹ̀ jùlọ pàápàá, orí ilé náà ń lọ sí gúúsù ju mílímítà kan lọ lọ́dọọdún.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Máàṣì ọdún 1989, ilé gogoro àtijọ́ kan ní ìlú Páfíà, ní Ítálì kan náà, wó lulẹ̀ lójijì, ó sì pa ènìyàn mẹ́rin. Kì í ṣe pé ó fì púpọ̀. Ògiri rẹ̀ ni ó bú, ògiri tí a fi bíríkì ṣe lójú, tí a sì kó àfọ́kù sí nínú. Gbogbo ojú bá yí sí Písà, tí ògiri tirẹ̀ náà jẹ́ irú èyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Jánúárì ọdún 1990, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé náà. Ìjọba Ítálì yan ìgbìmọ̀ kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Michele Jamiolkowski ni alága rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Burland, onímọ̀ ilẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà náà ilé náà ti fì tó dígírì márùn-ún ààbọ̀, orí rẹ̀ sì yọ kọjá ìdí rẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ.

Ewu méjì ni ó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀kan pàdánù nínú èkejì. Èkíní ni ti ògiri, ní ìhà gúúsù lẹ́bàá ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo ìwúwo ti ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1992, wọ́n fi okùn irin tí a fi rọ́bà bò lára di ibẹ̀ yíká, gẹ́gẹ́ bí a ti í fi ọ̀já gba inú. Èkejì ni ti ilẹ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, wọ́n jókòó ti àkọsílẹ̀ ìwọ̀n tí a ti ń kọ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Gbogbo ayé ti rò pé ìhà gúúsù ni ó ń rì. Irọ́ ni. Ní àkókò yìí, ìhà àríwá ìpìlẹ̀ ni ó ń gbé sókè díẹ̀díẹ̀. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Písà tí ó níye lórí ju wíwò yìí lọ, nítorí láti inú rẹ̀ ni a ti mọ ibi tí ó yẹ kí a fọwọ́ sí. Bí ìhà àríwá bá ń gbé sókè, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A kò ní fọwọ́ kan ìhà gúúsù rárá.

Nítorí náà ní ọdún 1993, wọ́n rọ òrùka kọnkéré yí ìdí ilé náà ká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí to òjé lé e ní ìhà àríwá, títí ó fi pé 600 tọ́ọ̀nù. Fífì náà dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, orí ilé náà padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìnṣì kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkìtì òjé kò dára lójú, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sì fẹ́ fi okùn irin tí a so mọ́ iyanrìn líle nísàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Láti gbẹ́ ilẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, wọ́n ní láti sọ omi abẹ́ ilẹ̀ di yìnyín kí ó má baà ya wọ inú kòtò. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1995, bí wọ́n ti ń ṣe èyí, ilé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí jó sí gúúsù. Ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lọ tó ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó fi ọdún kan lọ. Wọ́n sáré fi òjé kún òjé, ó di 900 tọ́ọ̀nù, wọ́n sì pa ètò náà tì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ti ka gbogbo ìtàn ọdún 1838 àti 1934 ni wọ́n tún ṣe ohun tí ó jọ ọ́.

Ọ̀nà tí ó ṣẹ́gun rọrùn láti sọ. Dípò kí a gbé ìhà tí ó rì sókè, a ó jẹ́ kí ìhà tí kò rì náà rì díẹ̀. A ó bu ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ìhà àríwá. Fernando Terracina, ẹnjiníà kan ní Ítálì, ti dá a lábàá láti ọdún 1962, wọ́n sì ti lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ilé ìjọsìn ńlá tí ó ń rì ní olú-ìlú Mẹ́síkò. Ẹni tí ó bá ti gbé tábìlì sórí ilẹ̀ iyanrìn, tí ẹsẹ̀ kan rì, ti mọ̀ pé ó rọrùn láti bu iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ kejì ju láti kó iyanrìn sábẹ́ èyí tí ó rì lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé ìlà kan wà lábẹ́ ilé náà, tí ó bá jẹ́ pé ní àríwá ìlà yìí ni a ti bu ilẹ̀, ilé yóò padà sẹ́yìn. Bí a bá kọjá ìlà náà sí abẹ́ ilé, fífì ni yóò pọ̀ sí i. Nítorí náà etí ìpìlẹ̀ ní àríwá nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Wọ́n kọ́kọ́ so okùn irin gígùn méjì mọ́ ilé náà, wọ́n nà án lọ sí ẹ̀yìn ní ìhà àríwá, kí ó lè di ilé náà mú bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti ìta, wọ́n ti páìpù irin gba inú ilẹ̀ lọ ní dídà gẹ̀ẹ́rẹ́ títí orí rẹ̀ fi dé abẹ́ etí ìpìlẹ̀. Nínú páìpù náà ni irin ìlulẹ̀ kan wà tí ó lọ́ bí ìdè ìsúkúrù. Páìpù ń yí sí apá kan, irin inú rẹ̀ sì ń yí sí apá kejì, kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má baà dàrú. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọn á fa páìpù náà sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó bù, ihò kékeré á sì ṣẹ́kù. Ilẹ̀ náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ihò yìí á fi rọra pa ara rẹ̀ dé, ìpìlẹ̀ òkè rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ojú kò lè rí. Nǹkan bí garawa kan ilẹ̀ ni wọ́n ń bù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Fébúárì ọdún 1999, wọ́n fi ihò 12 dán an wò, ilé náà sì gbọ́ràn. Láti oṣù Fébúárì ọdún 2000, wọ́n ṣí ihò 41. Lójoojúmọ́ ni a ń ka ìwọ̀n fífì, tí a sì ń fi í ránṣẹ́ sí Burland ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó lè sọ ihò tí a ó bu ilẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́la àti ìwọ̀n tí a ó bù. Bí orí ilé bá yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, wọn á bu ilẹ̀ ní ihò ìhà kejì láti mú un padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe, ní sùúrù, títí di oṣù Júùnù ọdún 2001. Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bù kò ju mítà 38 ní ìwọ̀n òró, ìbú àti gíga lọ, èyí tí ọkọ̀ típà díẹ̀ lè kó tán. Orí ilé náà sì padà sẹ́yìn ní nǹkan bí sẹ̀ntímítà 44, sí ibi tí ó wà kí Gherardesca tó gbẹ́ kòtò rẹ̀. Wọ́n kó òjé kúrò, wọ́n tú okùn, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ènìyàn ní ọjọ́ 15 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2001.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí wọn kò mú un tọ́ pátápátá? Kò lè tọ́, nítorí ó tẹ̀ lára bí a ti wí; bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá tọ́, orí rẹ̀ yóò fì sí ìhà kejì. Fífì rẹ̀ náà sì ni ó sọ ọ́ di olókìkí, ẹni kẹ́ni kò sì fẹ́ kí ó sọnù. Wọn kò wá ju pé kí ó kúrò ní etí ọ̀gbun lọ. Iṣẹ́ kan ṣì kù tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ púpọ̀. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé ní àkókò òjò, omi ilẹ̀ ń ga sókè ní ìhà àríwá ju ti gúúsù lọ, tí ó sì ń ti ilé náà díẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọdún 2002, wọ́n gbẹ́ kànga àti ojú omi sí ìhà àríwá kí omi náà má lè ga kọjá ìwọ̀n kan. Láti ìgbà náà, ìwọ̀n tí a ń kà kò fi hàn pé ilé náà tún ń lọ sí gúúsù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé fífì ni àìsàn rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ní ìlú Bọ̀lónyà, ní Ítálì kan náà, ilé gogoro kan wà tí ń jẹ́ Gàrìsẹ́ńdà, tí ó ga tó mítà 48, tí ó sì fì tó dígírì mẹ́rin. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ti gé orí rẹ̀ kúrò kí ìwúwo rẹ̀ lè dínkù. Nígbà tí ó di oṣù Òkítóbà ọdún 2023, wọ́n ti àyíká rẹ̀ pa. Ìdí ògiri rẹ̀ ni ó ń bàjẹ́. Òkúta tí wọ́n fi mọ ìdí náà jẹ́ irú èyí tí omi àti ọ̀rinrin ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àfọ́kù inú rẹ̀ sì ń fọ́. Bíbu ilẹ̀ kò lè wo èyí sàn. Ògiri fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ dì, kí a sì fi ohun lílẹ̀ kún inú rẹ̀.

Ògiri Arákálẹ̀ jọ ti Bọ̀lónyà ju ti Písà lọ. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ kò ní amọ̀ rírọ̀ mítà 30 lábẹ́. Ohun tí ó ń mú ògiri alámọ̀ wa fì, lọ́pọ̀ ìgbà, ni omi tí ń kán láti etí páànù tí ń gbẹ́ ìdí rẹ̀, tàbí gọ́tà tí ó ti jìn dé abẹ́ ìpìlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ògiri ní ìhà kan fi tín-ín-rín, tí ó sì rọ̀. Rírẹ́ ògiri náà pẹ̀lú sìmẹ́ńtì kì í ran án lọ́wọ́. Omi tí ó bá ti wọlé lẹ́yìn sìmẹ́ńtì kò ní rí ọ̀nà gbẹ, amọ̀ á sì máa rọ̀ nínú, níbi tí ojú kò tó.

Ẹni tí ògiri rẹ̀ fì, kí ó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Kí ó kan ìṣó mọ́ òkè ògiri, kí ó so okùn pẹ̀lú òjé tí àwọn bíríkìlà ń lò mọ́ ọn, kí ó jẹ́ kí ó rọ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ó fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí orí òjé dúró lórí ilẹ̀ tí a ti rọ kọnkéré sí, kí ó sì kọ ọjọ́ rẹ̀. Kí ó tún wò ó ní oṣooṣù, ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ògiri bá ya, kí ó fi sìmẹ́ńtì lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ kan mọ́ ìhà méjèèjì lílà náà. Bí gíláàsì bá fọ́, ògiri ṣì ń lọ. Ògiri tí àmì rẹ̀ kò yẹ̀ fún ọdún méjì, àgbà tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ lè tọ̀nà. Èyí tí ó ń lọ ní gbogbo àkókò òjò, omi ni kí a kọ́kọ́ yí kúrò ní ìdí rẹ̀. Kí a kún ibi tí omi ti jẹ pẹ̀lú amọ̀ tí a gún dáadáa, ní ìwọ̀n kékeré lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí a bá fi tì í gbọ́dọ̀ dúró lórí pákó tàbí òkúta fífẹ̀, kì í ṣe lórí ẹrẹ̀ etí gọ́tà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi náà yóò rì pẹ̀lú ògiri.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ ìdí ògiri ní ìhà tí ó fì sí láti lè rọ kọnkéré sí i, àfi bí ẹnjiníà bá ti wò ó, tí a sì ti tì í dáadáa. Ohun tí Gherardesca ṣe ní ọdún 1838 nìyẹn, òun sì ní ilé òkúta. Bí ìsàlẹ̀ ògiri bá wú síta bí ikùn, tí amọ̀ rẹ̀ sì ń já bọ́ ní ìyẹ̀pẹ̀, kì í ṣe àkókò àtiwọ̀n mọ́. Kí àwọn tí ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kó jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà.